Owó Tí Ọlọ́jà Ní Òun Yóò Dá Padà

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí, ọ̀rọ̀ owó ọwọ́ wa ni. A fi káàdì báńkì ra ọjà lọ́wọ́ ọlọ́jà. Bóyá ọjà náà kò sí mọ́, bóyá ó dé ṣùgbọ́n kò rí bí wọ́n ṣe júwe rẹ̀. Ọlọ́jà fi ẹnu ara rẹ̀ gbà pé òun yóò dá owó wa padà. A wo àkáǹtì lónìí, a wò ó lọ́la, owó kò dé. Ta ni kí á lọ bá? Ọjọ́ mélòó ni ó tọ́ kí á fi dúró? Láti ọjọ́ wo ni kí á sì ti bẹ̀rẹ̀ sí ka ọjọ́ náà? Ìbéèrè kẹta yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fi etí sí jù, nítorí pé ibẹ̀ ni ìṣirò ti máa ń dàrú mọ́ àwa àti ọlọ́jà àti báńkì lọ́wọ́.

Ẹni tí ó bá mọ Fádèyí, ní ojú ọ̀nà Ìkòròdú, láàárín Jíbówú àti Onípáànù, yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ẹ wo àwọn atẹ̀wé Ṣómólú tí wọ́n ń ra bébà àti yíǹkì, ẹ wo àwọn olóúnjẹ, ẹ wo àwọn télọ̀ àti àwọn tí ń ta ẹ̀yà ara ẹ̀rọ. Ní ọdún 2012, Èkó ni Báńkì Àpapọ̀ kọ́kọ́ fi ṣe ibi tí wọn yóò ti dín lílo owó ìléwọ́ kù. Nígbà tí ó sì di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 tí owó bébà di ohun àwátì nítorí pípààrọ̀ náírà, ẹni tí kò tíì fi káàdì ra nǹkan rí pàápàá kọ́ ọ tipátipá. Láti ìgbà náà ni gbogbo wa ti mọ bí a ṣe ń fi káàdì sanwó. Bí owó náà ṣe ń padà ni ẹnikẹ́ni kò kọ́ wa.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ ya nǹkan mẹ́ta sọ́tọ̀. Gbogbo wọn ni a ń pè ní ìdápadà owó, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà.

Èkíní ni ti ẹ̀rọ tí ó kọ iṣẹ́. Ẹ fi káàdì sínú ẹ̀rọ pí-ó-ẹ̀sì, ẹ tẹ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ yín, ẹ̀rọ náà ń yí, ó ń yí, lẹ́yìn náà ó tu bébà jáde tí a kọ `DECLINED` sí, bẹ́ẹ̀ ni àláàtì sì ti dé sórí fóònù yín pé owó ti jáde. Ọlọ́jà kò rí kọ́bọ̀ gbà. Ọ̀nà ni owó náà há sí. Lórí irú èyí ni Báńkì Àpapọ̀ pa àṣẹ ní oṣù kẹfà ọdún 2020: bí ó bá jẹ́ ẹ̀rọ tí ń pọ owó ti báńkì yín gan-an, kí owó padà lójú ẹsẹ̀, bí ẹ̀rọ kò bá sì lè dá a padà fúnra rẹ̀, kí òṣìṣẹ́ báńkì fi ọwọ́ ṣe é láàárín wákàtí 24, bí ó bá jẹ́ ẹ̀rọ ti báńkì mìíràn, wákàtí 48, bí ó bá jẹ́ pí-ó-ẹ̀sì tàbí orí íńtánẹ́ẹ̀tì, wákàtí 72. Ẹ kò ní láti bá ọlọ́jà jà lórí eléyìí. Báńkì yín ni kí ẹ lọ bá.

Èkejì kò gùn. Ẹ̀rọ ti gba owó, ọlọ́jà sì rí i lójú ẹsẹ̀ pé òun ti ṣi iye tẹ̀, ó sì pa á rẹ́ lórí ẹ̀rọ kan náà kí ó tó pa ìṣirò ọjọ́ náà dé. Owó irú èyí kì í sábà pẹ́ kí ó tó padà, nítorí pé kò tíì dé àpò ọlọ́jà.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ wa lónìí. Ẹ̀rọ ti gba owó, bébà rẹ̀ kọ `APPROVED`, àmì `00` sì wà lára rẹ̀, èyí tí ó túmọ̀ sí pé báńkì yín ti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ilẹ̀ ti ṣú, ilẹ̀ ti mọ́, wọ́n ti ṣírò owó náà mọ́ ti ọlọ́jà, ó ti wọ àkáǹtì rẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, owó ọlọ́jà ni. Bí ó bá fẹ́ dá a padà, iṣẹ́ tuntun ni yóò bẹ̀rẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ yóò fi ọwọ́ tẹ̀, tí owó yóò fi kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ wá sọ́dọ̀ yín. Báńkì yín kò gbọ́ nígbà tí ó ń ṣe ìlérí fún yín. Kò sì lè na ọwọ́ sínú àpò rẹ̀ nítorí ìlérí náà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá gbọ́ nípa wákàtí 72 tí Báńkì Àpapọ̀ sọ, tí ó wá ń kà á láti ọjọ́ tí ọlọ́jà ti sọ pé ‘Ẹ má ṣe ìyọnu, a ó dá a padà,’ ti fi òṣùwọ̀n ìrẹsì wọn epo. Àṣẹ wákàtí 72 wà fún owó tí ó há sí ọ̀nà. Owó tí ẹnì kan kò tíì rán kò há sí ibì kankan.

Ẹ jẹ́ kí á fi obìnrin kan tí ń se oúnjẹ tà ní àdúgbò Fádèyí ṣe àpẹẹrẹ, kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa dáadáa. Ó fẹ́ ra fíríìsà tí yóò máa kó ẹran àti ẹja sí. Ó rí èyí tí ó wù ú lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, lọ́dọ̀ ṣọ́ọ̀bù kan tí ó ní ilé ìkẹ́rù sí ní Èkó níbí. Ní ọjọ́ Túsìdeè, ọjọ́ kẹta oṣù, ó fi káàdì rẹ̀ san ₦412,000. Ní ọjọ́ Fúráìdeè, ọjọ́ kẹfà, wọ́n fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i lórí fóònù pé fíríìsà náà ti tán, kí ó má bínú, àwọn yóò dá owó rẹ̀ padà láàárín ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún.

Obìnrin náà gbà. Ó kà á: Mọ́ńdeè, Túsìdeè, Wẹ́sìdeè, Tọ́sìdeè, Fúráìdeè. Owó yóò dé ní ọjọ́ kẹtàlá. Ọjọ́ kẹtàlá dé, owó kò dé. Ní ọjọ́ Mọ́ńdeè, ọjọ́ kẹrìndínlógún, ó wọ aṣọ ìjáde, ó gba báńkì rẹ̀ lọ. Akọ̀wé báńkì wo inú ẹ̀rọ, ó ní, ‘Mà, kò sí nǹkan tí ó wọlé láti ọ̀dọ̀ wọn.’ Obìnrin yìí rò pé báńkì ń fi owó òun pamọ́. Ó bínú jáde, ó sì pe ṣọ́ọ̀bù náà. Ọmọkùnrin tí ó gbé fóònù ní, ‘Màmá, àwa ti ṣe tiwa o. Ọ̀dọ̀ báńkì yín ló kù sí.’

Ẹ̀yin olùgbọ́, tani nínú wọn ni ó ń purọ́? Kò sí. Ní irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀, ẹni tí ń fèsì fóònù kọ́ ni ẹni tí ń tẹ owó padà. Ó kọ orúkọ obìnrin náà sínú ìwé, ó gbé e lọ sọ́dọ̀ olùṣirò owó. Olùṣirò owó kì í tẹ owó padà lójoojúmọ́. Mọ́ńdeè àti Tọ́sìdeè ni ó ń ṣe é. Ní ọjọ́ Mọ́ńdeè, ọjọ́ kẹsàn-án, ó tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n kò lọ. Kí ló dé? Ilé-iṣẹ́ tí ń bá ṣọ́ọ̀bù náà gba owó káàdì kì í yọ owó ìdápadà láti inú àpò ara rẹ̀. Inú owó tí ṣọ́ọ̀bù náà ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò tíì san fún un, ni ó ti ń yọ ọ́. Bí ọjà kò bá tà tó ní ọjọ́ náà, ìdápadà yóò dúró sójú kan, wọn yóò kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ń dúró, `pending`. Ní ọjọ́ Tọ́sìdeè, ọjọ́ kejìlá, owó pé, ìdápadà sì gbéra. Nígbà tí obìnrin náà wà ní báńkì ní ọjọ́ kẹrìndínlógún, owó rẹ̀ ti kúrò lọ́dọ̀ ọlọ́jà ṣùgbọ́n kò tíì dé ọ̀dọ̀ báńkì. Akọ̀wé sọ òtítọ́, ọmọkùnrin náà sọ òtítọ́. Ohun tí ó kù ni pé ẹnikẹ́ni kò sọ ọjọ́ tí owó náà gbéra fún obìnrin náà.

Ó pe ṣọ́ọ̀bù padà, ó ní, ‘Ọmọ mi, n kò bá ọ jà. Ọjọ́ wo gan-an ni ẹ tẹ̀ ẹ́? Nọ́ńbà wo ni ẹ̀rọ sì fún yín?’ Ọmọkùnrin náà ní kí ó fún òun ní àsìkò díẹ̀. Kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, ó fi ọjọ́ àti nọ́ńbà ránṣẹ́. Ọjọ́ kejìlá. Obìnrin náà tún ọjọ́ kà: Fúráìdeè ọjọ́ kẹtàlá ni èkíní, Sátidé àti Sọ́ńdeè kò sí lára rẹ̀, Mọ́ńdeè ni èkejì, Túsìdeè ni ẹ̀kẹta, Wẹ́sìdeè ni ẹ̀kẹrin. Ní ọjọ́ Tọ́sìdeè, ọjọ́ kọkàndínlógún, owó wọlé. Ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún ni, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe wí. Ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí kà á ni ó yàtọ̀.

Ẹlòmíràn yóò bi mí pé, èéṣe tí owó fi ń jáde ní ìṣẹ́jú àáyá tí ó sì ń padà ní ọ̀sẹ̀ kan? Ìdí rẹ̀ nìyí. Nígbà tí ẹ ń ra ọjà, ọlọ́jà dúró, ẹ̀yin náà dúró, ẹ̀rọ sì ń bi báńkì yín léèrè pé ṣé owó wà. Ó dà bí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù: ìdáhùn gbọ́dọ̀ wá lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí owó bá ń padà, kò sí ẹni tí ó dúró nídìí ẹ̀rọ. Wọ́n sábà máa ń kó o pọ̀ mọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú rẹ̀ bí lẹ́tà inú àpò ilé-ìfìwéránṣẹ́. Ó kúrò ní ilé-iṣẹ́ tí ń gba owó fún ọlọ́jà, ó kọjá sí báńkì ọlọ́jà, ó gba ọ̀dọ̀ àwọn tí ó ni orúkọ tí ó wà lára káàdì yín, ìyẹn Verve tàbí Visa tàbí Mastercard, kí ó tó dé báńkì yín. Báńkì yín náà yóò sì wá kọ ọ́ sínú àkáǹtì yín. Ní ìdúró kọ̀ọ̀kan, ó lè sùn mọ́jú. Bí ó bá sì bá òpin ọ̀sẹ̀ tàbí ọdún Iléyá pàdé lọ́nà, yóò dúró kí ọdún parí.

Nítorí náà, bí ẹ bá ra ọjà láàárín orílẹ̀-èdè wa, ọjọ́ iṣẹ́ 5 sí 10 lẹ́yìn tí owó bá ti gbéra ni ẹ lè fi ọkàn sí. Ó lè yá jù bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọlọ́jà òkè òkun, ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì kún un. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnu yà yín bí iye náírà tí ó padà kò bá bá èyí tí ó jáde mu gẹ́lẹ́, nítorí pé iye tí dọ́là jẹ́ ní ọjọ́ tí ó ń padà ni wọn yóò lò, kì í ṣe ti ọjọ́ tí ẹ rà á.

Nísinsìnyí, a ti dé ibi tí ọgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wà, ìyẹn ni nọ́ńbà. Owó tí ó bá gbéra ní tòótọ́ máa ń fi ẹsẹ̀ sílẹ̀. Bí ọlọ́jà bá lo pí-ó-ẹ̀sì, bébà ìdápadà yóò ní nọ́ńbà tí wọ́n ń kọ ní `RRN`, ẹyọ 12 ni. Bí káàdì yín bá jẹ́ Visa tàbí Mastercard, nọ́ńbà mìíràn tún wà tí wọ́n ń pè ní `ARN`, ẹyọ 23 ni. Ọlọ́jà lè béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ń bá a gba owó. Nọ́ńbà wọ̀nyí ni akọ̀wé báńkì lè fi wá owó náà níbi tí ó wà. Ẹ fi nọ́ńbà tí wọ́n bá fún yín wé èyí tí ó wà lára rìsíìtì tí ẹ fi ra ọjà. Lọ́pọ̀ ìgbà, bí ó bá jẹ́ ọ̀kan náà ni méjèèjì, rìsíìtì ọjà ni wọ́n tún kọ fún yín, kì í ṣe ti ìdápadà. Bí ọlọ́jà kò bá sì rí nọ́ńbà kankan fún yín lẹ́yìn ọjọ́ méjì tí ẹ béèrè, ẹ gbà pé owó náà kò tíì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun kan wà tí ó pọ̀ ní àdúgbò wa tí kò pọ̀ ní ìlú òyìnbó. Ọ̀pọ̀ ọlọ́jà kéékèèké kì í fi ẹ̀rọ dá owó padà rárá. Wọn yóò ní, ‘Ẹ fi nọ́ńbà àkáǹtì yín ránṣẹ́, a ó ṣe tiránsífà.’ Kò burú. Ṣùgbọ́n kí ẹ mọ̀ pé, bí ó bá ti di tiránsífà, ọ̀rọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún ti parí nìyẹn. Owó tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti báńkì kan sí òmíràn ní Nàìjíríà máa ń dé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ní Sátidé, ní Sọ́ńdeè, ní ọ̀gànjọ́ òru pàápàá. Ọlọ́jà tí ó bá ní òun ti ṣe tiránsífà láti ọjọ́ mẹ́ta, pé báńkì ni ó ń fà á, ẹ ní kí ó fún yín ní `Session ID` rẹ̀. Ẹyọ 30 ni nọ́ńbà náà, gbogbo tiránsífà tí ó ti báńkì kan lọ sí òmíràn ni ó ní tirẹ̀, ó sì wà lára rìsíìtì tí ó jáde lórí fóònù ẹni tí ó fi owó ránṣẹ́. Bí ó bá fún yín, ẹ gbé e lọ sí báńkì yín, wọn yóò sọ fún yín bóyá owó náà dé tàbí ó padà sẹ́yìn. Bí ó bá ń yí ọ̀rọ̀ padà, ẹ ti mọ ohun tí ẹ ń bá jà.

Ní ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, ẹ ṣọ́ra o. Àwọn kan ń pe ènìyàn lórí fóònù pé àwọn ni ṣọ́ọ̀bù tàbí báńkì, àwọn fẹ́ dá owó rẹ̀ padà, kí ó ka nọ́ńbà mẹ́ta ẹ̀yìn káàdì tàbí nọ́ńbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ fóònù rẹ̀. Owó tí ń bọ̀ wá sí àkáǹtì kò nílò nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ yín. Èyí tí ń jáde ni ó nílò rẹ̀.

Bí ọlọ́jà bá kọ̀ ńkọ́? Tí ó ṣe ìlérí, tí kò rán owó, tí kò fúnni ní nọ́ńbà? Ibí yìí ni ìlérí tí a kọ sílẹ̀ ti níye lórí ju èyí tí a fi ẹnu ṣe lọ. Àwọn tí ó ni Visa àti Mastercard ní ìlànà kan fún owó tí ọlọ́jà gbà pé òun yóò dá padà tí kò dá padà. Báńkì yín lè gbé ẹjọ́ náà lọ bá báńkì ọlọ́jà, kí wọ́n sì gba owó náà padà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣáájìbákì ni àwọn ará báńkì ń pè é. Ṣùgbọ́n wọn yóò béèrè ìwé tàbí ọ̀rọ̀ orí fóònù tí ọlọ́jà fi gbà, tí ọjọ́ wà lára rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ẹ ó kọ́kọ́ dúró fún ọjọ́ 15, kí wọ́n lè rí i pé ẹ fún ọlọ́jà láyè. Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀kùn ṣí. Kì í ṣí títí láé: ọjọ́ 120 ni gbogbo rẹ̀, kí ó má bàa sí àríyànjiyàn, ẹ máa kà á láti ọjọ́ tí ẹ san owó. Káàdì Verve ní ìlànà àti àkókò tirẹ̀. Ẹ bi báńkì yín léèrè ní kíákíá, kí ẹ má ṣe fi ọjọ́ tí ó jẹ́ ti Visa gbé ara yín lé e.

Ẹ jẹ́ kí á padà sọ́dọ̀ obìnrin Fádèyí náà. Ká ní owó rẹ̀ kò dé ní ọjọ́ kọkàndínlógún, tí ṣọ́ọ̀bù kò sì fún un ní nọ́ńbà kankan. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i ní ọjọ́ kẹfà ni ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Ọjọ́ 15 pé ní Sátidé, ọjọ́ kọkànlélógún. Ní Mọ́ńdeè, ọjọ́ kẹtàlélógún, yóò gbé rìsíìtì ọjà, àláàtì owó tí ó jáde, ọ̀rọ̀ ìlérí náà, àti èyí tí òun fi béèrè owó rẹ̀ lọ sí báńkì. Kò ní sọ fún wọn pé òun kò mọ ẹni tí ó yọ owó òun, nítorí pé irọ́ ni, ẹjọ́ olè ni wọn yóò sì fi pè é, ọlọ́jà yóò mú ẹ̀rí jáde pé òun gan-an ni ó rà á, ọ̀rọ̀ náà yóò sì wó lulẹ̀. Àwọn kan ti fi báyìí pàdánù ẹjọ́ tí ó yẹ kí wọ́n jàre. Ohun tí yóò sọ kò ju èyí lọ: ‘Mo ra ọjà, ọjà kò wá, ọlọ́jà gbà láti dá owó padà ní ọjọ́ báyìí, kò dá a padà.’ Báńkì ọlọ́jà yóò ní àyè láti fèsì, èyí tí ó lè gba oṣù kan tàbí oṣù kan àbọ̀. Bí ọlọ́jà bá sì fi tiránsífà san owó náà nígbà tí ẹjọ́ ń lọ lọ́wọ́, kí ẹ sọ fún báńkì ní ọjọ́ náà gan-an, nítorí pé owó méjì kò tọ́ sí yín, wọn yóò sì gba ọ̀kan padà.

Báńkì tí ẹ bá fi ẹjọ́ sùn gbọ́dọ̀ fún yín ní nọ́ńbà ẹjọ́. Ẹ má kúrò níbẹ̀ láìgbà á. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí wọn kò yanjú rẹ̀, tí wọn kò sì fún yín ní èsì tí ó ní láárí, ẹ lè kọ̀wé sí ẹ̀ka tí ń dáàbò bo oníbàárà ní Báńkì Àpapọ̀, sí `cpd@cbn.gov.ng`, kí ẹ sì fi nọ́ńbà ẹjọ́ náà sí i. Báńkì ni Báńkì Àpapọ̀ ní agbára lé lórí o. Kò ní agbára lórí ọlọ́jà fíríìsà. Ní ti ọlọ́jà, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń dáàbò bo oníbàárà, tí òfin ọdún 2018 dá sílẹ̀, ni ó ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó náà sì ní àjọ tirẹ̀ fún un.

Ilé-ẹjọ́ kan sì tún wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Láti ọdún 2018 ni Ìpínlẹ̀ Èkó ti ní kọ́ọ̀tù fún gbèsè kéékèèké, lábẹ́ àwọn adájọ́ májísíréètì, fún owó tí kò ju ₦5,000,000 lọ. Kò di dandan kí ẹ gba lọ́yà. Ètò wọn ni pé kí ẹjọ́ parí láàárín ọjọ́ 60. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó débẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ ti kọ ìwé sí ọlọ́jà pé kí ó san owó náà, kí ẹ sì ní ẹ̀rí pé ìwé náà dé ọwọ́ rẹ̀. Nínú ìwé náà, ẹ kọ iye owó, ọjọ́ tí ẹ san án, ọjọ́ tí ó ṣe ìlérí, àti nọ́ńbà àkáǹtì tí ẹ fẹ́ kí ó san án sí. Àwọn ọlọ́jà kan wà tí ìwé yẹn nìkan máa ń tó láti mú kí olùṣirò owó wọn rántí pé Mọ́ńdeè ti pé.